I2C àbí SPI: Kí Ló Máa Rìn Jìnnà Nínú Ẹ̀rọ Rẹ?

Ẹ̀rọ méjì ni mo fẹ́ fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, àwọn méjèèjì sì jẹ́ irú èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe fún oníbàárà ní Alimosho. Ọ̀kan ni ínkúbétọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù onípákó tí ọlọ́sìn adìẹ kan ní Igando lè fi sàba ẹyin. Èkejì ni ààrò búrẹ́dì, irú èyí tí à ń bá lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì ní Ikotun. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè: sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò máa sọ bí ooru ṣe rí lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú kòńtírólà kan ṣoṣo tí yóò máa gbọ́ gbogbo wọn, tí yóò sì pinnu ìgbà tí ooru yóò tàn àti ìgbà tí yóò kú. Síbẹ̀, ọ̀nà tó yẹ kí sẹ́ńsọ̀ ínkúbétọ̀ gbà bá kòńtírólà sọ̀rọ̀ kọ́ ni ti ààrò yẹ kó gbà.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìwé ń fún èèyàn ni pé SPI yára, I2C kò sì gba wáyà púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, kò sí èyí tó ń pinnu nǹkan kan nínú méjèèjì. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé, láàárín ibi tí ooru wà àti ibi tí kòńtírólà wà, wáyà wo ló máa rin ìrìn náà? Èkejì ni pé, bí sẹ́ńsọ̀ kan bá kú lóru, báwo ni kòńtírólà yóò ṣe mọ̀?

Ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Philips, ilé iṣẹ́ àwọn ará Netherlands, ló mú I2C jáde ní 1982, kí àwọn ṣíìpù inú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀dù kan náà. Wáyà méjì ni: SDA ń gbé ọ̀rọ̀, SCL ń lu aago. Gbogbo ṣíìpù ló so mọ́ wáyà méjì yìí, àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ni kòńtírólà sì fi ń pè é. SPI wá láti ọwọ́ Motorola nínú àwọn ọdún 1980 kan náà. Wáyà kan fún aago, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó ń lọ, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan á tún ní wáyà tirẹ̀ tí à ń pè ní CS, èyí tí kòńtírólà ń fà wálẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ náà. Àdírẹ́ẹ̀sì kò sí níbẹ̀ rárá. Kò sì sí èyí tí wọ́n torí ìrìn mítà púpọ̀ dá sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Bí I2C ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wàhálà rẹ̀ ti ń wá, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ rántí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so rọ́bà mọ́ kó lè máa padà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tì í. Bó bá ti fọwọ́ sílẹ̀, rọ́bà á fà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà I2C rí. Kò sí ṣíìpù tó ń gbé e sókè, fífà á wálẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Rẹsísítọ̀ tó so ó mọ́ 3.3 V ni rọ́bà tó ń dá a padà sókè. Bí rọ́bà bá rọ̀ jù, ilẹ̀kùn á pẹ́ kó tó padà. Bó bá le jù, ọmọdé ò ní lè tì í. Ohun tó ń mú kí ìpadàsókè wáyà pẹ́ ni iná díẹ̀díẹ̀ tí wáyà fúnra rẹ̀ ń gbà pamọ́, èyí tí à ń pè ní kapasítáǹsì. Bí wáyà bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Òfin I2C kò fẹ́ kó kọjá 400 pF lórí ọ̀nà kan.

Ká wá padà sí ínkúbétọ̀. Ẹyin adìẹ ń lo 21 ọjọ́, ooru rẹ̀ kò sì yẹ kó jìnnà sí 37.5 °C. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin tó, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nítorí náà sẹ́ńsọ̀ tí a fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ooru àti ọ̀rinrin, kò sì gbọdọ̀ ṣìnà ju ìdákan nínú mẹ́rin digíríì kan lọ tàbí bẹ́ẹ̀. SHT31 ló bá iṣẹ́ yìí mu, ṣíṣìnà rẹ̀ kì í sábà ju 0.2 °C lọ. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n ti mọ ibi tí mò ń lọ: SHT31 kò gbọ́ SPI. I2C nìkan ló ń sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ ló ń yan ọ̀nà fún wa kí a tó jókòó yan ohunkóhun, ó sì dára kí èèyàn yan sẹ́ńsọ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà ná. Àwọn kan ń mú BME280 nítorí pé ó ń sọ èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà pé ó lè fi digíríì kan ṣìnà ní ìwọ̀n ooru yìí. Digíríì kan pọ̀ jù fún ẹyin. Bí ẹ bá tilẹ̀ rà á, ẹ ka rẹ́jísítà `0xD0` rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan kan. `0x60` ni BME280 gidi ń dá padà; `0x58` jẹ́ BMP280, tí kò mọ ọ̀rinrin rárá, tí wọ́n sì ń fi orúkọ èkejì tà káàkiri.

Ṣé I2C á yára tó? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti gba ìwọ̀n kan lọ́wọ́ SHT31, kòńtírólà ń fi báìtì mẹ́ta pàṣẹ, ó ń pe àdírẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń gba báìtì mẹ́fà. Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Báìtì kọ̀ọ̀kan ń gba ìlù aago mẹ́sàn-án, mẹ́jọ fún ọ̀rọ̀, ìkẹsàn-án fún ẹni tó gbọ́ láti dáhùn pé òun gbọ́. Aádọ́rùn-ún ìlù nìyẹn. Ní 100 kHz, tó jẹ́ ìrìn tó lọ́ra jù nínú àwọn tí ìwé I2C là sílẹ̀, kò tó ìdákan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè lo ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ kó tó wọn ooru tán. Ooru inú kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún ẹyin kò sì lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá torí eré sísá yan SPI fún ínkúbétọ̀ ti yanjú ìṣòro tí kò ní.

Ìṣòro tó ní ni àdírẹ́ẹ̀sì àti gígùn wáyà. Àdírẹ́ẹ̀sì méjì péré ni SHT31 lè jẹ́, `0x44` àti `0x45`, sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta la sì fẹ́. Aago DS3231 tó ń ka ọjọ́ ń jẹ́ `0x68`, ojú ìran kékeré OLED sábà ń jẹ́ `0x3C`; àwọn ìyẹn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ SHT31 kẹta kò ní orúkọ tí yóò jẹ́. Bí méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn méjèèjì á máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ètò tó ń wá àdírẹ́ẹ̀sì kò ní sọ pé nǹkan bàjẹ́. Á kàn fi `0x44` hàn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé ẹyọ kan ló wà. Ẹ fọwọ́ ka iye sẹ́ńsọ̀ tí ẹ so, kí ẹ fi wé iye àdírẹ́ẹ̀sì tó jáde.

Ti gígùn wáyà ńkọ́? Ká ní kòńtírólà ESP32 wà nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà kọ̀ọ̀kan sì gùn tó mítà kan ààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Mo gbà pé wáyà náà ń pa nǹkan bíi 60 pF mọ́ fún mítà kan. Wáyà mẹ́ta á jẹ́ 270 pF. Ẹ tún fi 10 pF kún un fún ṣíìpù kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ni wọ́n, ó di 330 pF. Bí wáyà ṣe ń pẹ́ tó kó tó padà sókè ni

```
t = 0.8473 × R × C
```

Bí rẹsísítọ̀ bá jẹ́ 4.7 kΩ, ìdáhùn á jẹ́ 1.3 µs. Òfin kò fẹ́ ju 1 µs lọ ní 100 kHz. A ti kọjá ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì lọ́sàn-án, kó wá máa kọsẹ̀ bí wọ́n bá gbé e lọ sí Igando. Bí a bá fi 2.2 kΩ dípò rẹ̀, á bọ́ sí 0.6 µs, ara á sì tù wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sá eré 400 kHz gbọ́dọ̀ padà sókè láàárín 0.3 µs, rẹsísítọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 1.07 kΩ lọ. Ibẹ̀ ni ààlà kejì ti dé: ṣíìpù I2C lásán kò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun lè fà ju 3 mA wálẹ̀, nítorí náà ní 3.3 V rẹsísítọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 967 Ω. Àyè tó kù láàárín méjèèjì kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n fi ínkúbétọ̀ sílẹ̀ ní 100 kHz.

Ìyà kan wà tó ń jẹ àwọn tó ń ra módù tí wọ́n ti jó kalẹ̀. Ẹni tó ṣe módù kọ̀ọ̀kan ti fi rẹsísítọ̀ tirẹ̀ sí i. Bí ẹ bá so módù mẹ́fà tó ní 4.7 kΩ lápá kan náà, gbogbo wọn á di 783 Ω pọ̀, ó ti kéré ju 967 lọ. Rọ́bà ti le jù. Sẹ́ńsọ̀ á máa dáhùn lónìí, kò ní dáhùn lọ́la, ẹni tó ṣe é á sì máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ̀. Ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ fi mítà wọn rẹsísítáǹsì láti SDA sí 3.3 V, bó bá kéré jù, ẹ yọ rẹsísítọ̀ ara àwọn módù kan kúrò.

Ṣíìpù kan wà tó yanjú àdírẹ́ẹ̀sì àti gígùn wáyà lẹ́ẹ̀kan náà: TCA9548A. Ó ń jẹ́ `0x70`, ó sì pín ọ̀nà I2C sí ẹ̀ka mẹ́jọ, tí kòńtírólà lè ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. SHT31 mẹ́ta lè máa jẹ́ `0x44` lórí ẹ̀ka mẹ́ta, wọn ò ní pàdé. Ẹ̀ka tí a kò ṣí kò sì sí nínú ìṣirò kapasítáǹsì, nítorí náà 330 pF tó ń dààmú wa di nǹkan bíi 140 pF. Kódà 4.7 kΩ ti tó báyìí. Fún kọ́bọ́ọ̀dù tó ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ni mo fara mọ́, mi ò sì rí ìdí láti wá SPI lọ níbẹ̀.

Àrùn kan ṣẹ́kù tó jẹ́ ti I2C nìkan, ọ̀nà tí iná ń gbà lọ tó sì ń gbà dé ní àdúgbò wa ló sì máa ń tú u síta. Ká ní kòńtírólà ń ka sẹ́ńsọ̀ lọ́wọ́, iná ṣẹ́jú láàárín ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń gba iṣẹ́. Ìṣẹ́jú náà kúrú débi pé kòńtírólà tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ kò kú. Ó ṣì wà láàárín báìtì, ó fa SDA wálẹ̀, ó ń retí ìlù aago tó kàn. Kòńtírólà ní tirẹ̀ rí i pé ọ̀nà kò ṣófo, ó sì dúró. Àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹyin á sì tutù. Mítà á fi í hàn lójú ẹsẹ̀: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, SDA gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 3.3 V, bó bá dúró sí òdo, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Títún kòńtírólà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kò lè wò ó sàn. Ẹ lu aago fún sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, kó lè parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kó sì jọ̀wọ́ wáyà. Lórí ESP32, kí èyí ṣáájú ohun gbogbo nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn:

```
pinMode(21, INPUT_PULLUP);        // SDA
pinMode(22, OUTPUT_OPEN_DRAIN);   // SCL
for (int i = 0; i < 9; i++) {
  digitalWrite(22, LOW);  delayMicroseconds(5);
  digitalWrite(22, HIGH); delayMicroseconds(5);
}
Wire.begin(21, 22);
```

Ààrò búrẹ́dì yàtọ̀ pátápátá. Ooru inú rẹ̀ ń kọjá 200 °C, SHT31 kò sì lè kọjá 125 °C láàyè. Tẹmokọ́púlù la máa fi síbẹ̀, irú K, wáyà irin méjì tí wọ́n jó pọ̀ lórí, tó ń mú iná tín-ín-rín jáde bí orí náà ṣe ń gbóná. Ṣíìpù tó ń ka iná yìí ni MAX31855, SPI lòun sì ń sọ. Ó rọrùn débi pé kòńtírólà kì í sọ nǹkan kan fún un: á fa CS rẹ̀ wálẹ̀, á lu aago lẹ́ẹ̀méjìlélọ́gbọ̀n, ìdáhùn á sì ti dé. Kò sí àdírẹ́ẹ̀sì, nítorí náà ààrò tó ní ojú mẹ́rin á lo MAX31855 mẹ́rin, wáyà méjì tí gbogbo wọn jọ ń lò, àti CS mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mẹ́fà lára ESP32, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó lè fi orúkọ jọ ẹlòmíràn.

Ìdí tí SPI fi dára níbí ni pé kì í ṣe òun ló ń rìn jìnnà. Àwọn ṣíìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí bọ́ọ̀dù kan pẹ̀lú kòńtírólà, nínú àpótí tó tutù lára ògiri. Tẹmokọ́púlù ló ń rin mítà méjì wọ inú iná lọ. Bí wáyà rẹ̀ kò bá tó, wáyà irú K ni kí ẹ fi mú un gùn. Ẹni tó fi bàbà mú un gùn ti dá ojú ìdiwọ̀n tuntun sílẹ̀ níbi tó ti so ó, bí ibẹ̀ bá sì gbóná ju ibi tí ṣíìpù wà lọ, ìwọ̀n á máa dín kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún rí i pé orí tẹmokọ́púlù kò kan irin ààrò, nítorí MAX31855 kò fara da irú èyí tó bá kan ilẹ̀. Á máa kígbe àṣìṣe.

Ká wá gbìyànjú òdìkejì rẹ̀, ká gbé ṣíìpù náà lọ sẹ́nu ààrò, kí SPI máa rin mítà méjì. Kòńtírólà ń ti wáyà SPI sókè, ó sì ń fà á wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, bí iná ṣe ń fò sókè yẹn ni yóò sì ta padà bó bá dé òpin wáyà gígùn. Ṣíìpù lè ka ìlù kan sí méjì. Dídín iye ìlù kù sí 1 MHz tàbí kó kéré sí i kò fi gbogbo ara wò ó, torí pé fífò sókè náà kò lọ́ra sí i. Rẹsísítọ̀ 33 Ω sí 100 Ω lẹ́nu ẹsẹ̀ kòńtírólà ló ń tù ú lójú. Àmì àrùn yìí kò ṣòro mọ̀: ìlù kan tó lé ń sún gbogbo ìdáhùn síwájú lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n á sì di ìlọ́po méjì. Ààrò tó wà ní 110 °C á sọ pé òun ti dé 220, á pa iná, búrẹ́dì kò sì ní jinná.

Ibi tó bà mí lẹ́rù jù nínú SPI ni pé kò ní ìlù ìkẹsàn-án. Lórí I2C, sẹ́ńsọ̀ tó ti já kò ní dáhùn àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, `Wire.endTransmission()` á sì dá 2 padà. Kòńtírólà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lórí SPI, kòńtírólà kàn ń lu aago, ó ń ka ohun tó bá wà lórí wáyà, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí MAX31855 bá ti já kúrò, tí wáyà náà sì dúró sísàlẹ̀, òdo ni gbogbo ìdáhùn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni 0 °C, láìsí àmì àṣìṣe kankan. Kòńtírólà á gbà pé ààrò tutù, á sì máa dá iná sí i. Kò sí ibì kankan ní Ikotun tí ṣíìpù lè wà ní 0 °C, nítorí náà kò sí ìdí láti gba òdo gbọ́. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 kΩ fa wáyà ìdáhùn sókè, kí ẹni tí kò sí máa jáde bí `0xFFFFFFFF`, kí ẹ sì kọ àwọn méjèèjì:

```
if (raw == 0 || raw == 0xFFFFFFFF) {
  heaterOff();
}
```

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ínkúbétọ̀ wa lè máa gbọ́ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ lórí I2C, kó sì máa kọ ìwọ̀n sórí káàdì SD pẹ̀lú SPI, níbi tí eré sísá ti wúlò lóòótọ́. Kìkì pé àwọn módù káàdì SD olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kì í jọ̀wọ́ wáyà ìdáhùn nígbà tí CS wọn bá wà lókè. Bí MAX31855 bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí ẹ fi so káàdì mọ́ wáyà kan náà, tó wá ń ka òdo, módù káàdì ni kí ẹ fura sí. ESP32 ní SPI méjì tí a lè lò. Ẹ fún káàdì ní tirẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn náà wà. DS18B20 ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó sì ń fara da mítà púpọ̀ ju I2C lọ. Ṣùgbọ́n ó lè fi ààbọ̀ digíríì ṣìnà, kò sì mọ ọ̀rinrin. Mi ò ní fi ẹyin lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó dára fún omi tàbí yàrá àwọn òròmọdìẹ. Bí ọlọ́sìn náà bá sì wá ní yàrá mẹ́ta tó jìnnà síra, tó fẹ́ rí gbogbo wọn láti ọ́fíìsì rẹ̀ kan, I2C àti SPI kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní kòńtírólà kékeré tirẹ̀ tó so mọ́ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí RS-485 sì máa gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá dé ọ́fíìsì lórí wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn.